Ikùn kì í ná ọ̀rá tirẹ̀: ìdí tí sítọ́ọ̀pù kò fi lè yọ ọ̀rá ikùn nìkan

Láàárọ̀ Sátidé, ní pápá tí àwa kan ti máa ń pàdé ṣe eré ìdárayá ní Ìbàdàn, ìbéèrè kan wà tí kì í wọ́n. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yóò fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, yóò fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀rá ikùn rẹ̀ mú, yóò ní: “Ẹ̀gbọ́n, n kò fẹ́ kí ojú mi rù o, n kò sì fẹ́ kí ìdí mi lọ. Èyí nìkan ni kí ẹ bá mi wá nǹkan ṣe sí.” Lẹ́yìn náà ni yóò fi fídíò kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀, èyí tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí i lórí Wọ́sáàpù. Ọ̀dọ́bìnrin kan dùbúlẹ̀ níbẹ̀, ó ń ju ẹsẹ̀ sókè, ó ń sọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé láàárín ọjọ́ méje péré, ikùn á ti wọlé.

Òótọ́ ni mo máa ń sọ fún un, bó tilẹ̀ dùn ún. Kò sí eré ìdárayá tí a lè fi yan ojú kan lára pé níhìn-ín ni kí ọ̀rá ti lọ, kí ó má kan ibòmíràn. Ọ̀nà tí ara ń gbà ná ọ̀rá ni kò gbà bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì mọ ọ̀nà yẹn kò ní í ra ọ̀pọ̀ nǹkan tí wọ́n ń tà fún wa nítorí ikùn.

Oúnjẹ tí ara kò tíì nílò ni ọ̀rá. Ara kó o pamọ́ sínú àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tó wà lábẹ́ awọ wa káàkiri, ní ikùn, ní itan, ní ẹ̀yìn apá, àní ní àgbọ̀n ìsàlẹ̀ pàápàá. Nígbà tí a bá dùbúlẹ̀ tí a ń ṣe sítọ́ọ̀pù, tí à ń gbé àyà dìde tí a sì ń dá a padà sílẹ̀, iṣan ikùn ló ń ṣiṣẹ́, ọ̀rá ikùn sì wà lórí rẹ̀ gan-an. Ohun tó ń tan èèyàn nìyẹn. Ó dà bí ẹni pé iṣan yóò kàn na ọwọ́ sókè, yóò mú ọ̀rá tó sún mọ́ ọn, yóò sì jó o. Àmọ́ kò sí páìpù kankan láàárín àwọn méjèèjì. Kí iṣan tó lè rí ọ̀rá lò, inú ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀rá náà gbọ́dọ̀ gbà kọjá.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ sí i fún ara, tàbí tí a bá ti pẹ́ tí a ti jẹun, họ́mòònù ínsúlíìnì, tó ń ní kí ara kó ọ̀rá pamọ́, á lọ sílẹ̀, adirẹnálíìnì, tó ń ní kó tú u sílẹ̀, á sì gòkè nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń ṣàn dé gbogbo ibi tí ọ̀rá wà, nítorí náà àṣẹ kan náà ni gbogbo wọn ń gbọ́. Sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá tó bá gbọ́ àṣẹ yìí á tú ọ̀rá inú rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, á sì tì í jáde sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn á gbé e kiri, iṣan tí ebi ń pa, yálà ti itan ni o, yálà ti ikùn ni o, á mú èyí tó kàn án. Ọ̀rá tí iṣan ikùn yín ń jó lónìí lè ti ẹ̀yìn apá wá, ó sì lè ti ìdí wá.

Táǹkì omi orí òrùlé ni mo fi máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn ní pápá. Bí ẹ bá ṣí ẹ̀rọ ilé ìdáná, kì í ṣe omi tó wà lókè ilé ìdáná nìkan ló ń lọ sílẹ̀ nínú táǹkì. Gbogbo omi inú rẹ̀ ló ń lọ sílẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ọ̀rá ti yàtọ̀ sí ti omi ni pé kì í lọ sílẹ̀ dọ́gbadọ́gba, n óò sì padà sí ìyẹn nítorí ibẹ̀ gan-an ló ti ń sú ọ̀pọ̀ èèyàn.

Wọ́n ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti Frank Katch àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1984. Ọkùnrin 13 ni wọ́n fi sítọ́ọ̀pù ṣe iṣẹ́ fún ọjọ́ 27, iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe lápapọ̀ sì jẹ́ 5,004. Ẹ pín in, ẹ ó rí i pé ó lé ní 180 lójúmọ́. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tí wọ́n parí, wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa ọ̀rá díẹ̀ jáde lábẹ́ awọ ní ojú mẹ́ta, ìyẹn ikùn, ìdí àti ẹ̀yìn lábẹ́ eegun èjìká, wọ́n sì wọn bí sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó. Bó bá jẹ́ pé iṣan ikùn ń jẹ ọ̀rá ikùn ni, sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ nìkan ni ì bá súnkì, tàbí kó súnkì ju ti ìyókù lọ gidigidi. Ohun tí wọ́n rí ni pé sẹ́ẹ̀lì ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kéré sí i díẹ̀, kò sì sí ìyàtọ̀ gidi láàárín wọn. Ìdí àti ẹ̀yìn tí kò ṣe sítọ́ọ̀pù kankan náà pín nínú rẹ̀. Ìwọ̀n ara àwọn ọkùnrin náà kò sì yí padà ní pàtàkì.

Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Ṣílè, tó jáde ní 2013, tún ya èèyàn lẹ́nu ju ìyẹn lọ. Èèyàn 11 fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ṣe eré ìmárale fún ọ̀sẹ̀ 12, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ náà ti ẹ̀rọ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ìgbà nínú ìjókòó kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rá ara wọn dín kù lóòótọ́. Àmọ́ láti apá àti àyà sí ikùn ló ti dín kù. Ẹsẹ̀ tó ṣe gbogbo wàhálà náà kò rí èrè ọ̀rá kankan jẹ.

Kí n má bàa fi apá kan ọ̀rọ̀ pamọ́ fún yín: ìwádìí kan jáde ní 2023 tó sọ pé àwọn ọkùnrin kan tó sanra, tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe eré ikùn fún àkókò gígùn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, pàdánù ọ̀rá díẹ̀ sí i láàárín àyà àti ikùn ju àwọn tó kàn sáré lórí ẹ̀rọ lọ. Èèyàn 16 péré ni, iye ọ̀rá tí gbogbo ara wọn pàdánù kò sì yàtọ̀ láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn sí ẹ̀gbẹ́ iṣan tó ń ṣiṣẹ́ ran ọ̀rá tó sún mọ́ ọn lọ́wọ́ díẹ̀. Mo kà á, mo sì gbà pé ó yẹ kí wọ́n tún un ṣe pẹ̀lú èèyàn púpọ̀ sí i. Kò tíì tó ohun tí n óò fi sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó lọ máa fi sítọ́ọ̀pù lépa ikùn, pàápàá nígbà tí ìṣirò rẹ̀ tún rí báyìí:

Ọgọ́rùn-ún sítọ́ọ̀pù, tí èèyàn bá ṣe é ní nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún, kì í sábà jó ju kálórì 25 lọ. Ṣíbí ìjẹun ńlá kan tí epo pupa kún jẹ́ nǹkan bí kálórì 120. Ẹ ó ṣe sítọ́ọ̀pù tó bí 500 kí ẹ tó lè san gbèsè ṣíbí epo kan. Kílò ọ̀rá ara kan sì jẹ́ nǹkan bí kálórì 7,700. Ẹni tó ń ṣe ọgọ́rùn-ún lójúmọ́ tí kò yí oúnjẹ rẹ̀ padà rárá yóò lò tó oṣù mẹ́wàá kó tó jó kílò kan, kílò kan yẹn náà yóò sì wá láti gbogbo ara.

Sítọ́ọ̀pù kì í ṣe ohun burúkú o. Ó ń mú iṣan ikùn le. Ìwádìí kan tó jáde ní 2011 fi eré ikùn méje kọ́ àwọn èèyàn ní ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọ̀rá ikùn wọn kò yí padà, àmọ́ iye ìgbà tí wọ́n lè gbé ara wọn nílẹ̀ láìsinmi pọ̀ sí i dáadáa. Iṣan tó le wà lábẹ́ ọ̀rá tó wà bó ṣe wà. Ẹni tó bá fẹ́ iṣan, kó máa ṣe é.

Àwọn nǹkan tí wọ́n ń tà ni inú mi kì í dùn sí. Bẹ́líìtì tí wọ́n ń dì mọ́ ikùn ń ti ọ̀rá sí ẹ̀gbẹ́ kan ni, ẹ tú u lálẹ́, ẹ ó bá a níbi tó wà. Tíì tó ń mú ikùn wọlé, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní ewé tó ń ṣí ni nínú, irú bíi sẹ́nà. Ẹni tó mu ún yóò lọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, yóò gun ìwọ̀n, yóò rí i pé kílò kan ti lọ. Omi àti ìgbẹ́ ló lọ. Ó máa padà bó bá ti jẹun tó sì mu omi. Ẹni tó bá ń mu ún lójoojúmọ́ lè pàdánù iyọ̀ ara tí ọkàn nílò láti máa lù déédéé, ìfun rẹ̀ sì lè wá gbẹ́kẹ̀ lé e débi pé kò ní í lè yàgbẹ́ láìsí i. Bákan náà ni àwọn tó ń fi náílọ́ọ̀nù wé ikùn lábẹ́ aṣọ sáré láàárọ̀ nítorí kí wọ́n lè làágùn. Òógùn kì í ṣe ọ̀rá tó yọ́.

Níbo wá ni ọ̀rá ń gbà jáde? Èémí ni, fún apá tó pọ̀ jù. Ruben Meerman àti Andrew Brown ní Ọsirélíà ṣe ìṣirò rẹ̀ ní 2014: nínú kílò mẹ́wàá ọ̀rá tí ara bá jó tán, kílò 8.4 ni a ń mí síta gẹ́gẹ́ bí afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù-dàyọ́sáìdì, kílò 1.6 tó kù ló ń di omi. Ẹ má ṣe wá lọ máa mí gùlegùle o, ìyẹn kò ní í jó nǹkan kan. Iṣẹ́ tí ara ń ṣe ló ń pinnu iye tó ń jó.

Ó ku ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ. Fífa ọ̀rá jáde pẹ̀lú ẹ̀rọ ni ọ̀nà tó dájú láti mú ọ̀rá kúrò ní ojú kan. Ní 2004, Samuel Klein àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nípa obìnrin 15 tó sanra gan-an, tí wọ́n fa nǹkan bíi kílò mẹ́wàá ọ̀rá kúrò lábẹ́ awọ ikùn wọn. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá sí 12, ìfúnpá wọn kò dára sí i, bẹ́ẹ̀ ni ara wọn kò gbọ́ ọ̀rọ̀ sí ínsúlíìnì ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹni tó fi oúnjẹ àti ìrìn pàdánù ọ̀rá tó kéré sí ìyẹn máa ń rí àǹfààní méjèèjì.

Ìdí ni pé oríṣi ọ̀rá méjì ló wà níbi tí à ń pè ní ikùn. Èkíní ni èyí tí a lè fi ọwọ́ fún pọ̀ lábẹ́ awọ. Èkejì wà nínú lọ́hùn-ún, ó yí ìfun àti ẹ̀dọ̀ ká, ọwọ́ kò lè mú un. Òun ló ń ti ikùn jáde tí yóò le bí ìlù lára àwọn ọkùnrin kan tí apá àti ẹsẹ̀ wọn tínrín, òun náà ló sì bá àtọ̀gbẹ àti àrùn ọkàn tan jù. Èyí tó dára níbẹ̀ ni pé ọ̀rá inú yìí máa ń tètè gbọ́ àṣẹ. Ẹni tó bá ń rìn kánkán déédéé lè pàdánù díẹ̀ nínú rẹ̀ kí ìwọ̀n tó sọ ohunkóhun. Ti abẹ́ awọ ló ń ṣe agídí, pàápàá nísàlẹ̀ ìdodo, àti ní ìdí àti itan obìnrin. Lára àwọn sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá ibẹ̀, àwọn ohun tó ń gbọ́ adirẹnálíìnì pín sí méjì: àwọn kan gbọ́ ọ pé “ẹ tú u sílẹ̀”, àwọn kan gbọ́ ọ pé “ẹ dì í mú”, àwọn tó ń dì í mú sì pọ̀ níbẹ̀ ju ibòmíràn lọ. Ìdílé tí a ti wá, bóyá a jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, àti ọjọ́ orí, ló ń pín wọn síbẹ̀. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró sábà máa ń rí i pé ọ̀rá tó ń lọ sí itan tẹ́lẹ̀ ti ń yà sí ikùn.

Ohun tó ń yí ọ̀rá padà ni pé kí ara máa ná ju ohun tó ń wọlé lọ, fún ìgbà pípẹ́. Kí n fi àpẹẹrẹ kan rìn ín já. Ká ní obìnrin kan wà tó ń ta aṣọ ní Gbági, ẹni ọdún 42, kílò 84, tó ga ní 160 sẹ̀ǹtímítà, tí ìbàdí rẹ̀ jẹ́ 100. Ìjókòó ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Irú ara bẹ́ẹ̀ ń ná nǹkan bíi kálórì 2,100 lójúmọ́, bí ìwọ̀n rẹ̀ bá sì ti dúró lójú kan láti ọdún tó kọjá, a jẹ́ pé iye tó ń jẹ náà nìyẹn.

Ìgò mínírà 50 sẹ̀ǹtílítà tó ń mu lọ́sàn-án jẹ́ nǹkan bíi kálórì 200. Ó fi omi tútù rọ́pò rẹ̀. Ọbẹ̀ rẹ̀, ó ń fi ṣíbí epo ńlá kan sílẹ̀ nínú ìpín tirẹ̀, 120 tún lọ. Ẹ̀bà alẹ́ rẹ̀ ń gba gààrí nǹkan bíi gíráàmù 180, ó wá dín in kù sí 120, ìyẹn mú 200 mìíràn kúrò, ó sì fi ẹ̀fọ́ àti ẹja tàbí ẹyin kan kún àwo kí ebi má bàa jí i lóru. Ẹyin yẹn yóò dá 70 padà o, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò tòótọ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kánkán fún ogójì ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, èyí tó ń fi nǹkan bí 90 kún ìnáwó ojúmọ́ tí a bá pín in. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 540 lójúmọ́, tàbí 3,800 lọ́sẹ̀, ìyẹn ìdajì kílò ọ̀rá.

Lórí ìwé, ọ̀sẹ̀ 12 yóò jẹ́ kílò mẹ́fà. Nínú ayé gidi, mẹ́rin sí márùn-ún ni kó máa retí. Ohun tí ara tó ń fúyẹ́ ń ná kéré sí ti tẹ́lẹ̀, ọwọ́ tó ń wọn gààrí kì í dọ́gba lójoojúmọ́, òwàǹbẹ̀ sì wà ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tún máa ń purọ́ fún èèyàn: kílò kan ààbọ̀ lè lọ lẹ́ẹ̀kan náà, omi tó bá ṣúgà inú iṣan gbé ni, bí èyí bá sì dúró ní ọ̀sẹ̀ kẹta, èèyàn á rò pé nǹkan ti bàjẹ́. Kó máa gbé nǹkan wúwo lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tàbí kó máa jókòó dìde lórí àga láìfi ọwọ́ ti ara rẹ̀, nítorí ara tí kò bá ríṣẹ́ ṣe yóò máa jẹ lára iṣan pọ̀ mọ́ ọ̀rá.

Okùn ìwọ̀n aṣọ ló yẹ kó gbẹ́kẹ̀ lé ju dígí lọ. Kó wọn ọ́n láàárọ̀ kó tó jẹun, láàárín eegun ìhà tó kẹ́yìn àti orí eegun ìbàdí, kó mí síta wẹ́rẹ́, kó má fà á. Ìdajì gíga ara ni ìbàdí kò yẹ kó kọjá, tirẹ̀ jẹ́ 80. Kílò kan tó bá lọ sábà máa ń bá sẹ̀ǹtímítà kan rìn, nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ kejìlá, ó ṣeé ṣe kó bá 95 tàbí 96. Ó ṣì jìnnà sí 80, àmọ́ apá tó ti lọ nínú ọ̀rá inú lọ́hùn-ún yẹn, dókítà lè rí àmì rẹ̀ nínú ìfúnpá àti ṣúgà ẹ̀jẹ̀.

Bí ìbàdí bá wá ń pọ̀ sí i nígbà tí apá àti ojú ń rù, tí ẹsẹ̀ ń wú, tàbí tí ó kan nǹkan tó le bí òkúta nínú ikùn, kó fi ọ̀rọ̀ ìdín-oúnjẹ-kù àti ìrìn sílẹ̀ ná, kó lọ sí ọsibítù. Omi inú ikùn àti jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n fi ń pe gbogbo nǹkan kì í ṣe ọ̀kan náà, fàíbúrọ́ọ̀dù náà kì í ṣe ọ̀rá. Ìyá tó bímọ láìpẹ́ tí àárín ikùn rẹ̀ yọ gọngọ bó bá ń dìde lórí ibùsùn, ó lè jẹ́ pé iṣan ikùn ló pínyà, onímọ̀ fisiotẹ́rápì ni kó rí.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún sí ìkẹfà, nǹkan kan máa ń ṣẹlẹ̀ tí mo ti rí ju iye tí mo lè kà lọ. Ojú ló máa ń kọ́kọ́ rù, egungun ọrùn yóò yọ, apá yóò fẹ́rẹ̀ bọ́ nínú bùbá. Ikùn yóò dà bí ẹni pé kò gbọ́ nǹkan kan. Àwọn oníbàárà yóò máa bi obìnrin yẹn ní ṣọ́ọ̀bù: “Ìyá wa, ṣé kò sí o? Ẹ ti rù jù.” Ìwọ̀nba èèyàn ló ń kọjá ibẹ̀. Wọ́n á padà sí ẹ̀bà àná kí ojú lè kún, wọ́n á wá máa fi sítọ́ọ̀pù lé ikùn lálẹ́. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé láti òkè ni táǹkì náà ti ń gbẹ, á fi okùn sí ìbàdí ní ọjọ́ Sátidé náà, á rí 98 níbi tí 100 wà tẹ́lẹ̀, á sì máa bá ìrìn rẹ̀ lọ.